Orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ kọ́ ni orísun owó

Nígbà tí báńkì bá gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì nítorí owó tó ṣàdédé wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tẹ sítéétìmẹ́ǹtì jáde, wọ́n a fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́, wọ́n a sì gbà pé àwọn ti dáhùn. Wọn kò tíì dáhùn, nítorí báńkì ti rí orúkọ náà ṣáájú wọn. Ohun tó ń wá ni ìdí tí owó fi kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn. Sítéétìmẹ́ǹtì ń fi ojú ibi tí odò gbà wọlé hàn. Ìwé mìíràn ló ń tọ́ka sí ibi tó ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo òṣìṣẹ́ kan tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 500, tó wá ta ọkọ̀ rẹ̀ ní 9,000. Olùrà san 4,000 lọ́jọ́ Ajé, ó san 3,000 lọ́jọ́rú, àbúrò olùrà sì fi 2,000 tó kù ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Ìwé àdéhùn ń sọ iye tí wọ́n tà á, ìwé ọkọ̀ tó wà lórúkọ olùtà tẹ́lẹ̀ sì ń jẹ́rìí pé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló tà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dúró ni 2,000 yẹn, nítorí orúkọ àbúrò kò sí nínú àdéhùn. Lẹ́tà tí olùrà fọwọ́ sí, tó sọ pé òun ló ní kí àbúrò òun san án fún ọkọ̀ náà, ló ń dí àlàfo ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni kí olùtà kọ ojú ìwé kan tó to owó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́, iye, ẹni tó san án, ìdí rẹ̀ àti ìwé tó ti í lẹ́yìn, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 9,000 gẹ́lẹ́.

Bí wọn kò bá kọ àdéhùn nígbà títà, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí, kí wọ́n fi ọjọ́ òní sí i, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí títà wáyé nínú rẹ̀. Ọjọ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n bá fi sí i ni yóò sọ ọ̀rọ̀ olóòótọ́ di ayédèrú.

Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kì í sábà sọ ohun tó ta wọ́n lólobó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kọ̀ fún wọn láti jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí wọ́n bá ti fi ẹjọ́ ìfura sun ìjọba. Òfin yìí gbọ́n sí olè, ṣùgbọ́n ó ni olóòótọ́ lára, nítorí kò ní mọ owó tí wọ́n ń bi í léèrè gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àlàyé rẹ̀ kárí gbogbo owó tó ṣàdédé wọlé ní àkókò náà. Ìbéèrè kan ṣì wà tí wọ́n sábà máa ń lè dáhùn: ṣé báńkì fúnra rẹ̀ ló ti àkáǹtì náà, àbí àṣẹ ilé ẹjọ́ ni? Bó bá jẹ́ ti ilé ẹjọ́, báńkì kò lè dá a ṣí, bó ti wù kí ìwé náà pé tó.