Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà Náírà Tó Bọ́ Sáàárín Fáìlì Méjì

Bí lẹ́tà ìgbéga bá dé lóṣù Ọ̀wàrà, tó sì sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ìgbéga náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á ti máa fi owó oṣù tuntun lọ́nà mẹ́sàn-án ra páànù òrùlé lọ́kàn. Owó àjẹsílẹ̀ kì í ṣe owó oṣù tuntun. Ohun tó kù lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti san ni.

Kò yẹ kí ẹni tó wà nínú régbérégbé ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣi èyí mú. Ká ní ẹgbẹ́ sọ lóṣù Ọ̀wàrà pé owó ẹgbẹ́ tó jẹ́ ₦5,000 lóṣù ti di ₦7,000 láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹni tó ti ń san déédéé á mú ₦2,000 wá fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Akápò tó bá ní kó mú ₦7,000 wá á rí ìjà. Ẹni tí kò san rárá lóṣù kẹta á mú ₦7,000 wá fún oṣù yẹn nìkan. Ẹni tó ti fi ₦1,000 lé tirẹ̀ lóṣù kan, ₦1,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀ fún oṣù náà. Ti aṣọ Ojúde Ọba tí wọn yóò tún gbé kà á lórí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kókó ibẹ̀ ni pé oṣù kọ̀ọ̀kan ní gbèsè tirẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn ni ìgbà tí ìgbéga àti àtẹ owó oṣù tuntun bá jọ pẹ́ dé. Ká mú olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká sì fi iye tó rọrùn ṣírò fún un. Ní ìparí ọdún tó kọjá, ₦80,000 ló ń gbà ní ipele 8. Àlékún ọdọọdún sọ ọ́ di ₦82,000 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, òun ló sì gbà títí dé oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Lóṣù Ọ̀wàrà, wọ́n buwọ́ lu ìgbéga rẹ̀ sí ipele 9 láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ₦93,000 lórí àtẹ àtijọ́. Lóṣù kan náà, wọ́n buwọ́ lu àtẹ tuntun láti oṣù Agẹmọ. Lórí àtẹ yìí, ₦118,000 ni ipele 8 tirẹ̀ ì bá jẹ́, ₦131,000 sì ni ipele 9.

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Òkúdù, ₦93,000 ló yẹ kó gbà, ₦82,000 ló gbà. ₦11,000 ló kù lóṣù kan, ₦66,000 fún oṣù mẹ́fà. Láti oṣù Agẹmọ dé Ọ̀wẹ́wẹ̀, ₦131,000 ló yẹ kó gbà, nítorí náà ₦49,000 ló kù lóṣù kan, ₦147,000 fún oṣù mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦213,000. Oṣù Ọ̀wàrà kò sí nínú rẹ̀, nítorí owó tuntun ni wọ́n fi san án. Ẹni tó bá kà á mọ́ ọn ti gba oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, ìgbéga ní fáìlì tirẹ̀, àtẹ tuntun náà ní tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ akọ̀wé méjì ló mú wọn dání. Akọ̀wé ìgbéga á ṣírò ₦11,000 fún oṣù mẹ́sàn-án, ₦99,000. Akọ̀wé àtẹ á rí ipele 8 nínú ìwé rẹ̀, á yọ ₦82,000 kúrò nínú ₦118,000, á fún un ní ₦36,000 fún oṣù mẹ́ta, ₦108,000. Kò sí ẹni tó ṣi ìṣirò nínú wọn, síbẹ̀ ₦207,000 ni owó méjèèjì papọ̀. ₦6,000 ti wọlẹ̀. Ìdí ni pé lórí àtẹ àtijọ́, ₦11,000 ló wà láàárín ipele 8 àti 9 tirẹ̀. Lórí àtẹ tuntun, ₦13,000 ni. ₦2,000 yìí ní oṣù mẹ́ta kò sí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni. Ètò tó pín owó ẹnì kan sí fáìlì méjì báyìí kò gbọ́n tó, bó ti wù kí akọ̀wé inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń dùn mọ́ni kó tó di ẹkún. Bí akọ̀wé bá yọ ₦80,000 ti ọdún tó kọjá dípò ₦82,000, olùkọ́ yìí á gba ₦18,000 lé tirẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò bá rí i, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti gé e padà.

Owó orí náà ń fẹ́ ojú. Bí ₦213,000 bá bá owó oṣù Ọ̀wàrà wọlé, ₦344,000 ni kọ̀ǹpútà á rí. Bí wọn kò bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, á sọ iye yìí di ti ọdún kan, ₦4,128,000, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo owó oṣù tó tọ́ sí i lọ́dún náà kò ju ₦1,344,000 lọ. Nínú òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì ni èyí tó kàn. Kọ̀ǹpútà yẹn ti gbé olùkọ́ wa dé ibi ìdá 18, níbi tí kò dé rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí akọ̀wé, kó tún lẹ́tà náà kà. Ọjọ́ méjì lè wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ipò bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ní oṣù Ọ̀wàrà ni owó ìgbéga bẹ̀rẹ̀, ₦66,000 ti oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Ti oṣù mẹ́ta tó kù á sì di ₦36,000 lóṣù kan, torí pé ipele 8 lórí àtẹ tuntun nìkan ló tọ́ sí i níbẹ̀. Bí kò bá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà, pésílíìpù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni kó tẹ́ sílẹ̀, kó kọ ohun tó yẹ kó gbà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì wo ti oṣù Agẹmọ dáadáa. ₦49,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá bá ₦47,000, fáìlì méjì ló ṣe é.