Sẹ́ńsọ̀ I2C tó ń kà, tí kì í kà nígbà míì: rẹsísítọ̀ wo, wáyà mítà mélòó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo so SHT31 mọ́ ESP32 nínú ilé adìyẹ wa n'Ógbòmọ̀ṣọ́, wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mítà 6 ló wà láàárín wọn. Lórí tábìlì ó ń kà dáadáa, níbẹ̀ á kà kà kà, á wá ṣàdédé gbé `nan` jáde. Mo ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, kò yí padà. Rẹsísítọ̀ wo ni kí n fi sí i, àbí wáyà yẹn ló gùn jù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, sẹ́ńsọ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan, orí wáyà ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí SDA àti SCL kò sẹ́ni tó ń ti iná sókè o, ESP32 àti sẹ́ńsọ̀ kàn lè fà á wálẹ̀ sí GND ni, tí wọ́n bá wá jọ̀wọ́ ẹ̀, rẹsísítọ̀ tó so mọ́ 3.3V ló máa gbé e padà sókè. Bẹ́ẹ̀ wáyà fúnra ẹ̀ máa ń gba iná sára kó tó gòkè, bó bá ṣe gùn tó ló ṣe ń gbà á tó, bí ìgbà téèyàn ń fi páìpù tín-ín-rín ponmi kún àgbá ńlá ni, ó máa pẹ́.

Jẹ́ ká ṣírò tìẹ. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń ní nǹkan bíi 50 pF ní mítà kan, mítà 6 á jẹ́ 300, fi bíi 30 kún un fún ESP32, sẹ́ńsọ̀ àti bọ́ọ̀dù wọn, ó di 330 pF. Bọ́ọ̀dù SHT31 tó pọ̀ lọ́jà, 10k ló wà lórí ẹ̀. Pẹ̀lú 10k yẹn, SDA máa lo nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 4 kó tó dé ìdá 70 nínú 100 fólítéèjì, ibẹ̀ la sì ti lè fọkàn balẹ̀ pé wọ́n á kà á sí "òkè". Ní 100 kHz, ìdajì ìgbà kan ò ju máíkírósẹ́kọ́ńdì 5 lọ. Ṣó o rí i pé ẹyọ kan péré ló kù? Ìdí nìyẹn tó fi ń kà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ìdíwọ́ kékeré báyìí, bóyá pọ́ǹpù omi tàn nítòsí, á dà á rú.

Kó o tó ra nǹkan kan, dín ìyára kù, ìlà kejì yìí ni kó o fi sábẹ́ ìlà tó ń ta sẹ́ńsọ̀ jí:

```
sht31.begin(0x44);
Wire.setClock(10000);
```

Tí `nan` yẹn bá lọ pátápátá, a jẹ́ pé gígòkè tó ń pẹ́ ló fa gbogbo ẹ̀. Tí kò bá lọ, wo iná tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ àti ibi tó o ti so GND. Kíka sẹ́ńsọ̀ ilé adìyẹ kì í ṣe ohun ìkánjú, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí, o lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì máa pààrọ̀ rẹsísítọ̀ ṣá, torí iná tó ń gba inú ẹ̀ tó bá kéré jù, ariwo tètè ń wọ wáyà.

Èyí tó o máa lò gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì yìí:

```
Rp_max = 1000 ns / (0.8473 × C)
Rp_min = (VDD - 0.4) / 0.003
```

Tìẹ, èyí òkè jẹ́ nǹkan bíi 3.6k, tìsàlẹ̀ bíi 970 óòmù. Tìsàlẹ̀ yẹn wà torí mílíáńpù 3 péré ni òfin I2C ní kí sẹ́ńsọ̀ lè fà wálẹ̀, ẹni tó bá fi 470 óòmù sí i pé kó lágbára dáadáa, SDA ò ní wálẹ̀ tán mọ́, ìṣòro á kàn yíjú padà ni. Lo 2.2k, pupa pupa pupa pẹ̀lú góòlù, wàá rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Tákíẹ̀. So ọ̀kan láti SDA sí 3.3V, ọ̀kan láti SCL sí 3.3V. Òun àti 10k tó ti wà níbẹ̀ á para pọ̀ di 1.8k, gígòkè yẹn á já sí nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 0.7. Pa iná, fi mítà wọn SDA sí 3.3V, ó yẹ kó sún mọ́ 1.8k. Tó bá kéré gan-an ju ìyẹn lọ, bọ́ọ̀dù míì tún ní tiẹ̀ lórí.

Nǹkan kan táwọn èèyàn kì í kà sí: má lọ́ SDA àti SCL pọ̀ mọ́ra wọn. Tí SDA bá já wálẹ̀ á fa SCL dání díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á rò pé aago ti lù. Wáyà yẹn ní ìlọ́ mẹ́rin, fi SDA àti GND sí ìlọ́ kan, SCL àti GND sí òmíràn, 3.3V àti GND sí ìkẹta.

Ti gígùn, 400 pF ni òfin I2C fi dúró, lórí wáyà yìí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 7 tá a bá yọ ti bọ́ọ̀dù kúrò, mítà 6 tìẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí mítà 20, kó gbé ESP32 fúnra ẹ̀ sún mọ́ sẹ́ńsọ̀, kó jẹ́ wáyà iná nìkan ló máa gùn, kó fi Wi-Fi gba ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà jáde, àbí kó fi PCA9615, ṣíìpù tó ń gbé I2C lọ jìnnà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpẹ̀kun méjèèjì.