Òkúta kò lẹ́sẹ̀: ìdí tí apẹja fi ń fojú sun ìsàlẹ̀ ẹja

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò ti fà, omi sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lórí àpáta létí odò náà, ó mú ọ̀kọ̀ apẹja lọ́wọ́. Epiya kan wà níwájú rẹ̀ tí kò mira. Ó fojú sùn ún dáadáa, ó ju ọ̀kọ̀, kò bà á. Nígbà tó jù ú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí nǹkan gún, ó yíjú sí bàbá rẹ̀ àgbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi.

"Bàbá, ẹja odò yìí ti gbọ́n jù. Kí ọ̀kọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́."

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń sọ pé ẹja ní egbé. Bàbá kò bá a jiyàn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú omi títí ó fi dé àyà wọn, wọ́n gbé òkúta funfun kan sísàlẹ̀, wọ́n sì gòkè padà. Wọ́n ní kí ó dúró kí omi tòrò.

"Ó yá, ju ọ̀kọ̀ lu òkúta yẹn. Kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá."

Ó gbé ọ̀kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó jù ú. Kò bà á. Nígbà tó wọ́dò lọ wò ó, orí ọ̀kọ̀ ti wọnú amọ̀ lẹ́yìn òkúta náà. Ó ti gba òkè rẹ̀ kọjá.

"Ṣé òkúta náà yẹ̀ ẹ́ ni?"

Kò sí ohun tó yẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọ náà ló fi òkúta hàn án níbi tí kò sí. Kí a tó rí nǹkan, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ara nǹkan náà wá sí ojú wa. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, nǹkan bíi 225,000 ló ń rìn. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti inú ẹrẹ̀ jáde ní ẹ̀gbẹ́ sí ilẹ̀ líle: táyà tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀ líle á yára ju èkejì lọ, orí ọkọ̀ á sì yí. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí bó bá ti ń jáde lójú omi, tó sì ń dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ sí i. Ojú kò mọ̀ pé ó yí. Ó gbà pé tààrà ló ti wá, nítorí náà ó ń rí ẹja lókè ibi tó wà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi òkúta yẹn ṣírò. Ìsàlẹ̀ omi tó wà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ojú ọmọ náà ga ju omi lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ibi tó sì ń wò lójú omi jìn sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí ọ̀kọ̀ bá tọ ipa ojú rẹ̀ lọ tààrà, á gba òkè òkúta kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, á sì gún ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Omi kò tẹ ọ̀kọ̀ rárá, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ṣẹ́ lójú wa. Ẹ fà á yọ, ẹ ó rí i pé ó tọ́.

Bàbá kò fi ìṣirò kankan kọ́ ọ. "Má jù ú síbi tí o ti rí i. Fà á wálé díẹ̀, kí ó rì sísàlẹ̀ rẹ̀." Ìwọ̀n díẹ̀ yẹn níbí jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 10 lójú omi, sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ìjù kejì ló gbọ́ tí irin kọ lu òkúta.

Ìwọ̀n náà kì í dúró sójú kan. Bí ẹja bá ṣe jìn sísàlẹ̀ tó, tí a sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe rẹ ọ̀kọ̀ sílẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni gan-an, tí a ń wò ó lóròó, ká gún un tààrà ni. Òun náà kàn á dà bíi pé ó sún mọ́ òkè ni: èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 á dà bí èyí tó wà ní 3.

Òótọ́ ni pé ẹja a máa yẹ ọ̀kọ̀ nígbà mìíràn. Ojú ihò nínú amọ̀ ni Bàbá fi ń mọ ìyàtọ̀. Bí ẹja bá ń sá, ihò á fọ́n káàkiri. Mẹ́ta tí ọmọ náà kọ́kọ́ jù láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n wà pọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, gbogbo wọn lẹ́yìn ibi tí epiya náà dúró sí.