Ẹ̀jẹ̀ CTX Kì Í Bá Mọ́ínmọ́ín Rẹ́

Láàárọ̀ yìí mo tún dá ìyá kan padà sílé. Wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín kí wọ́n tó wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀ fún CTX, àyẹ̀wò tó ń sọ bí egungun ṣe ń wó, inú sì bí wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ṣáà ni ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mò ń ka èsì ẹ̀jẹ̀ nínú lábù láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Egungun ara wa kì í ṣe òkúta. Ojoojúmọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó o, tí àwọn mìíràn ń mọ ọ́n padà, bí ẹni tó ń tún ògiri amọ̀ ṣe níbi tó ti sán. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni awólé fi ń gbẹ́ ihò, ṣùgbọ́n ó máa ń gba mọlémọlé ní oṣù mélòó kan kó tó dí i. Ẹ́sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ló ń kó awólé níjàánu. Bí obìnrin kò bá ṣe nǹkan oṣù mọ́, ìjánu já nìyẹn: awólé á pọ̀ sí i, mọlémọlé kò sì ní lè bá a. Bí ihò ṣe ń kù sílẹ̀ nìyẹn láìdun ẹnikẹ́ni, títí ọjọ́ tí èèyàn á yọ̀ nínú balùwẹ̀ tí ọrùn ọwọ́ á sì kán.

Bí awólé bá ń ṣiṣẹ́, èérún kọ́lájìn inú egungun á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èérún yẹn là ń pè ní CTX. P1NP ni ti mọlémọlé, ìyẹn etí kọ́lájìn tuntun tó máa ń gé dànù bó ṣe ń mọ ilé. Alẹndironéètì, oògùn tí à ń fún ẹni tí egungun rẹ̀ ń jó rẹ̀yìn, máa ń lẹ̀ mọ́ egungun, awólé tó bá sì gbé e mì, agbára rẹ̀ tán. Nítorí náà CTX gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, kí P1NP tẹ̀ lé e. Àwòrán egungun lè má fi nǹkan kan hàn fún ọdún kan sí méjì.

Àmọ́ oúnjẹ máa ń fa CTX wálẹ̀, ọ̀sán náà sì máa ń fà á wálẹ̀. Ìdájí ló máa ń ga jù. Ẹni tó gbààwẹ̀ wá nígbà àkọ́kọ́, tó wá jẹun wá nígbà kejì, èsì rẹ̀ lè sọ fún mi pé oògùn ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ni oògùn wà. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, inú òfìfo, ní gbogbo ìgbà. Omi lásán kò burú.

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 66, ní CTX 620 kó tó bẹ̀rẹ̀ alẹndironéètì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lóṣù kẹta ó jẹ́ 590. Ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀. CTX máa ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, àfi tó bá já ju ìdajì lọ kí n tó gbà láìjiyàn. Ọmọ wọn pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ká pààrọ̀ oògùn sí abẹ́rẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ ṣàpèjúwe bí ẹ ṣe ń lò ó fún mi."

"Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni, Dókítà. Ògì gbígbóná pẹ̀lú mílíìkì ni mo fi ń gbé e mì, kó má baà há mi lọ́fun."

Oògùn tí ara kì í gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kódà pẹ̀lú omi lásán, ni kálísíọ̀mù inú mílíìkì ń dì mú! Mo ní kí wọ́n fi ife omi lásán kan gbé e mì, kí wọ́n jókòó tàbí kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, láìjẹ ohunkóhun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: 210.

Èyí tó ń jẹ́ kí n pariwo ni àgúnmu. Àwọn tó ń lọ oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ dẹsamẹ́tásónì mọ́ ọn tí wọ́n ń pè é ní ewé àti egbò, wọ́n ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní ọ̀nà méjì. Oògùn yẹn máa ń dá mọlémọlé lẹ́kun, ó sì máa ń fa P1NP wálẹ̀, tí èmi á rò pé alẹndironéètì ló ṣe é. Bàbá kan wá lọ́dún tó kọjá: P1NP rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, CTX kò sì mira. Alẹndironéètì kì í rìn báyẹn; CTX ló máa ń kọ́kọ́ já. Mo bi í pé kí ló tún ń lò. Ó tú láílọ́ọ̀nù àgúnmu kan sórí tábìlì mi, ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń lá a, ẹ̀yìn kò dun òun mọ́. Mi ò lè ní kó jù ú nù lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó ti ń lá a fún ọdún kan, tó bá dá a dúró lójijì, lè dákú. Ọ̀dọ̀ dókítà họ́mọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé rẹ̀ sí.