Láti orí igi Tredgold dé 18/√δ: bí wọ́n ṣe kọ́ láti wọn àjà tó ń gbọ̀n

Ní ọdún 1828, Thomas Tredgold, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi iṣẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ kó tó di ẹnjiníà, kìlọ̀ fún àwọn ọmọlé nípa igi tó gbé àjà, ìyẹn ilẹ̀ yàrá òkè tí èèyàn ń rìn lé, bó bá gùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó ga dáadáa láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèyàn ò ní lè rìn nínú yàrá kí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ má mì. Ẹni tó bá ti gbé ilé onípákó nílùú ọba rí mọ ohun tó ń wí: ọmọ kan sáré kọjá lókè, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ń dún.

Tredgold rí àìsàn náà kedere, ṣùgbọ́n oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn ni kí igi le. Nínú èrò yẹn ni òfin tí a ṣì ń lò dòní dúró sí: bí ẹrù bá wà lórí àjà, àárín rẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ìdá kan nínú 360 gígùn rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń dáàbò bò jù ni abẹ́ àjà tí wọ́n rẹ́, kó má baà sán. Òfin náà ò bi ẹni tó jókòó sórí àjà ní ìbéèrè kankan.

Ìbéèrè yẹn kọ́kọ́ jáde gbangba ní Jámánì ní 1931. Reiher àti Meister mú àwọn èèyàn dúró sórí pèpéle tó ń gbọ̀n, wọ́n ń yí bó ṣe ń yára àti bó ṣe ń lọ jìnnà padà, wọ́n sì ń béèrè ohun tí kálukú ń mọ̀ lára: ṣé kò mọ̀ ọ́n rárá ni, àbí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ pèpéle wọn kì í dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbọ̀n tí ẹsẹ̀ ń fà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1966, Kenneth Lenzen ní Yunifásítì Kánsáàsì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àjà tó ń yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n gbé kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí irin tínínrín, irú èyí tó ń pọ̀ nígbà náà ní Amẹ́ríkà. Ó ní bí ìgbọ̀n bá tètè kú, ara lè gba èyí tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ìwọ̀n àwọn ará Jámánì náà gbà. Nínú ilé àtijọ́, àwọn ògiri tó pín yàrá ló ń pa ìgbọ̀n náà. Nígbà tí ọ́fíìsì di gbàgede ńlá kan, ògiri lọ, ìgbọ̀n wá ń pẹ́. Láti fi dán àjà wò, àwọn olùwádìí máa ń ní kí ẹnì kan dúró lórí ìka ẹsẹ̀ ní àárín àjà, kó gbé gìgísẹ̀ sókè tó nǹkan bí mìlímítà 63, kó sì jẹ́ kó já wálẹ̀. Ohun èlò á wọn iye ìgbà tí àjà náà gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì wọn bó ṣe tètè dákẹ́.

Iye ìgbà yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Gbogbo àjà ló ní tirẹ̀, bí awọ ìlù ṣe ní ohùn tirẹ̀, Hẹ́ẹ̀tísì ni wọ́n sì fi ń kà á. Ohun tó mú inú mi dùn ni pé a lè rí i láti ara ìtẹ̀ lásán:

f = 18/√δ

δ ni bí àárín àjà ṣe tẹ̀, ní mìlímítà, nítorí ìwúwo tó ń gbé nígbà gbogbo. Bí gbogbo ìwúwo bá so mọ́ ojú kan bí òkúta lórí sípíríǹgì, 15.8 ni nọ́ńbà òkè ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo àjà tàn kálẹ̀, apá tó sún mọ́ ògiri kì í sì í mì tó àárín, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi fún wa ní 17.8, tí a ń pè ní 18.

Ẹ jẹ́ ká mú àjà onípákó kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5.5. Igi rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50, ó ga ní 225, mìlímítà 400 sì wà láàárín igi kan sí èkejì. Agídí igi náà, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀, jẹ́ níútìn 10,000 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan. Pákó, igi àti abẹ́ àjà wúwo tó kílógíráàmù 50 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà 4.9, f á sì jẹ́ Hẹ́ẹ̀tísì 8.1. Bí a bá wá fi ẹrù èèyàn àti àga, kílógíráàmù 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, dán òfin àtijọ́ wò, ẹrù náà á tẹ̀ ẹ́ ní mìlímítà 14.8, bẹ́ẹ̀ 15.3 ni òfin gbà. Ó yege.

Onílé wá ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti táìlì sí i, ìyẹn kílógíráàmù 100 míì lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Òfin 360 ò rí i, torí ẹrù èèyàn nìkan ló ń wò, mìlímítà 14.8 ṣì ni. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó ń gbé nígbà gbogbo ti di 150, δ náà ti di 14.8, f sì já sí 4.7. Ẹni tó ń rìn máa ń gbé ẹsẹ̀ bí ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ipá ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún ń lù ní ìlọ́po méjì àti mẹ́ta iye yẹn. Bó bá yára dé 2.35, ìlọ́po méjì rẹ̀ bọ́ sórí 4.7 gẹ́lẹ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa bá àjà ní ibi tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà, ìgbọ̀n á sì máa pọ̀ sí i. Ìwúwo náà ń dín agbára ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo kù lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí káfíńtà tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi máa ń sọ pé ó ti le. Kó rìn kọjá, kí ẹlòmíì jókòó.

Sven Ohlsson fìdí ààlà kan múlẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Súwídìn ní 1982, ó sì wọ inú òfin igi ti ilẹ̀ Yúróòpù: kí àjà ilé gbígbé ju Hẹ́ẹ̀tísì 8 lọ. Lókè 8, ìlọ́po ìgbésẹ̀ tó lágbára kì í bá a mọ́. Ohun tí a ń wò níbẹ̀ ni bí àjà ṣe tẹ̀ nígbà tí ẹnì kan dúró lé e, àti bó ṣe ta lẹ́yìn ìlù kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ 8 ló ṣòro, torí láàárín 4 sí 8 gan-an ni ara èèyàn tó jókòó ti ń gbọ́ ìgbọ̀n jù.

Murray, Allen àti Ungar kó èyí jọ ní 1997 sínú ìtọ́nisọ́nà fún àwọn oníṣẹ́ irin Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ìyárasí, ìyẹn bí eré ìgbọ̀n ṣe ń yí padà sí, dípò ìtẹ̀. Ní ọ́fíìsì àti ilé gbígbé, kí ìgbọ̀n má ju ìdá 5 nínú 1,000 òòfà ilẹ̀. Ní ilé ìtajà ńlá, 15. Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níta, 50. Ìgbọ̀n kan náà ni, ibi tí èèyàn wà àti ohun tó ń ṣe ló yàtọ̀: ẹni tó ń ka ìwé nínú ìdákẹ́jẹ́ ò lè fara da ohun tí ẹni tó ń rajà ò tilẹ̀ mọ̀.

Àjà onítáìlì wa ń kọ́? Fífi ìwúwo kún un ò ràn án lọ́wọ́. Ìtẹ̀ ń tẹ̀lé gígùn × gígùn × gígùn × gígùn, nítorí náà, bí a bá gbé ìtìlẹ́yìn sábẹ́ rẹ̀ tí mítà 5.5 fi di 4.5, Hẹ́ẹ̀tísì 4.7 á gòkè dé 7. Ó ṣì kù díẹ̀ kó tó 8. Kí ó dé 8, gígùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mítà 4.2 lọ.