Ohun Tó Ń Bá Ìkorò Ewúro Lọ

Ìbéèrè: Mo máa ń bọ ewúro lórí iná pẹ̀lú káún, lẹ́yìn náà ni màá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ẹnìkan ní koríko lásán ni mo ń sè. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ti sọ ọ́ le jù, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pàdánù ju bó ti yẹ lọ. Inú oje ewé ni àwọn èròjà tó ń mú ewúro korò wà, àwọn àpò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló sì gba oje náà dúró. Bí ewé bá ṣì wà lódindi, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewúro tí a kàn rẹ sómi láìgbo ó fi máa ń korò síbẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbo ewé ló ń fọ́ àwọn àpò náà, iyọ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé hóró rẹ̀ ń ha ewé, ó sì tún ń fa omi inú rẹ̀ jáde.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé fítámì C, fóléètì àti pòtásíọ́mù náà wà nínú oje yìí, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń yòrò sínú omi. Kò sí bí a ṣe lè da ìkorò nù kí àwọn wọ̀nyí má bá a lọ díẹ̀. Iná tún ń dá ìpalára tirẹ̀ sí i, nítorí pé ooru ń ba fítámì C jẹ́ kódà bí a kò bá da omi náà nù. Ní ti káún, ó ń mú ewé rọ̀ kíákíá, kì í sì í jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n ó ń mú kí fítámì C àti ọ̀kan lára àwọn fítámì B, èyí tí à ń pè ní táyámìnì, tètè bàjẹ́. Ewé tó ń dán lójú lè ti pàdánù púpọ̀, nítorí náà káún ni màá kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà ṣe é.

Fáíbà, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín inú ewé, kì í lọ, púpọ̀ nínú pròtéènì rẹ̀ kì í lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà tí ara ń sọ di fítámì A kì í yòrò nínú omi. Epo ọbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara rí i lò. Àdánù nìkan kọ́ sì ni fífọ̀: ó ń dín táníìnì kù, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí ara rí irin inú oúnjẹ gbà dáadáa.

Ìbéèrè: Báwo ni màá ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí n dáwọ́ dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe dúró de omi tó mọ́ kedere, nítorí pé àwọ̀ ewé á máa jáde níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń gbo ó, àwọ̀ yẹn kọ́ ló sì ń korò. Ìfófòó ni kí ẹ máa wò, nítorí pé ara èròjà ìkorò ni ohun tó ń hó bí ọṣẹ yẹn.

Ká sọ pé ewé tí ẹ já kún abọ́ ńlá kan. Ẹ ṣan iyanrìn rẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì wà lódindi, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ bu iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i, ẹ gbo ó títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá bu omi tútù sí i. Omi àkọ́kọ́ á ki, á sì hó gan-an. Ẹ fún un, ẹ dà á nù, ẹ tún omi mìíràn bù sí i. Nígbà tí ìfófòó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ jẹ ewé kan wò: bí ìkorò rẹ̀ bá kàn ń tọ́ yín lẹ́nu díẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, torí ẹ̀gúsí àti epo á tún bo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ewé tó ti dúdú, tó ń ta kókó bí òwú lẹ́nu, tí kò sì ní òórùn ewúro mọ́, ti kọjá ààlà.

Bí ọwọ́ yín kò bá gba gbígbo púpọ̀, ẹ fi ewé náà sínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì gbo ó lẹ́ẹ̀kan péré nínú omi tútù. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ká ṣe méjèèjì ní kíkún. Ẹni tó bá sì ń jẹ ewúro nítorí oògùn ní láti mọ̀ pé àwọn èròjà ìkorò yìí gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, wọ́n sì ti bá omi lọ kí ewé tó dé inú ìkòkò.