Bí nóòtì ìsopọ̀ orí LinkedIn ṣe ń wọ inú àmì 200

Lórí LinkedIn, bí èèyàn bá fẹ́ kí òun àti ẹlòmíràn di ojúlùmọ̀, ó máa tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Connect sí, ẹni kejì á sì gbà tàbí kó kọ̀. Ojú òpó náà fàyè gba nóòtì kékeré kan tó lè bá ìbéèrè yẹn rìn. Nóòtì yìí ló ń sọ ìdí tí ẹni tí kò mọni rí fi yẹ kó gbà. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kéré. Ẹni tó ń sanwó fún Premium ní àmì 300. Ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní 200, ìwọ̀nba nóòtì díẹ̀ ló sì lè kọ lóṣù kan. Nígbà kan rí, gbogbo èèyàn ló ní 300. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ nóòtì tí wọ́n ń pín kiri fi ń kọjá ààlà bí èèyàn bá lẹ̀ wọ́n mọ́ inú àpótí náà lónìí.

Àmì kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe lẹ́tà nìkan. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ àmì kan. Kọ́mà jẹ́ ọ̀kan, ẹyọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tuntun tí a fò sí. Nóòtì tó wọ inú 200 kì í sábà ju gbólóhùn kúkúrú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Nítorí náà, kí èèyàn tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kó mọ ohun tí ẹni kejì ti máa rí kó tó ka nóòtì rárá.

Nínú ojú ewé My Network, ohun tó máa hàn sí i ni àwòrán ẹni tó béèrè, orúkọ rẹ̀, ìlà tó kọ sábẹ́ orúkọ láti fi sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àti àwọn ojúlùmọ̀ tí wọ́n jọ ní, bí wọ́n bá ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni nóòtì, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì: Accept àti Ignore. Ẹni tó bá tún bẹ̀rẹ̀ nóòtì rẹ̀ pẹ̀lú “Orúkọ mi ni báyìí báyìí, iṣẹ́ báyìí ni mo ń ṣe” ti fi àyè ṣòfò lórí ohun tí ojú ti rí. Ohun tí ojú kò tíì rí ni nóòtì wà fún: ibi tí ẹ ti gbúròó ẹni náà, ohun tó kàn yín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá gbà.

Ohun tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. “Mo fẹ́ máa ka àwọn ohun tí ẹ ń kọ” dún dáadáa létí, àmọ́ kì í ṣe ìdí fún ìsopọ̀. Bọ́tìnnì Follow wà fún ìyẹn, kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìsopọ̀ ń fúnni tí Follow kò fúnni ni àǹfààní láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara ẹni tààrà láìsanwó. Ìdí tó dúró ṣinṣin gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tó nílò ẹnu ọ̀nà yẹn: ìbéèrè kan tó ṣe é dáhùn, ìwé kan tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, ìpàdé kan tí àwọn méjèèjì máa lọ. Bí èèyàn kò bá rí irú rẹ̀ sọ, kó tẹ Follow ná.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ìbàdàn tó ń bójú tó fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù fíríìjì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 °C sí 8 °C, a sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá kan ní Èkó, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíkó oògùn kiri, kọ ọ̀rọ̀ sójú ewé rẹ̀ pé láàárín ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀ ni àjẹsára ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, nítorí iná ń lọ lóru. Ó wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á pé kí ni wọ́n ń ṣe sí i níbi iṣẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì yìí ní ìdáhùn. Ó jókòó, ó kọ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Mo rí pròfáìlì yín, ó sì wù mí púpọ̀. Inú mi máa dùn tí a bá lè so pọ̀ kí n lè kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín, kí a sì jọ ṣe ara wa láǹfààní. Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bù kún yín.”

Nóòtì yìí ti kọjá 200. Àmọ́ bí ààlà kò bá tiẹ̀ sí, kò sí ohun tí ọ̀gá yẹn lè rí dì mú nínú rẹ̀. Bí a bá fi ránṣẹ́ sí bíríkìlà tàbí sí olùkọ́ yunifásítì, kò sí ohun tó máa yí padà nínú rẹ̀, èyí sì ni àyẹ̀wò tó yá jù lọ: nóòtì tó bá ṣe é fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà kò tíì ní ìdí nínú. Ìkíni mẹ́ta ló wà níbẹ̀rẹ̀, ìdúpẹ́ àti àdúrà ló wà níparí. Lójúkojú, ẹni tó bá fo ìwọ̀nyí ni a máa ń pè ní aláìmọ̀wàáhù, ó sì ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gé wọn. Ṣùgbọ́n ìkíni kan tó bá ipò mu tó, “ẹ” tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ á sì máa gbé ọ̀wọ̀ yẹn títí dé ìparí láìgba àyè kankan. Gbólóhùn “kí a jọ ṣe ara wa láǹfààní” ló burú jù. Ẹni tó ti wà lórí LinkedIn fún ìgbà díẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá ta ọjà ló sábà máa ń kọ ọ́.

Èyí tó kọ lẹ́ẹ̀kejì nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ohun tí à ń ṣe sí fíríìjì àjẹsára tí iná bá lọ lóru. Èmi ló ń tọ́jú tiwa ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ fi àkọsílẹ̀ oṣù 3 ránṣẹ́ sí yín. Kì í ṣe iṣẹ́ ni mo ń wá.”

Gbólóhùn kejì ló ń ṣiṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó rán ọ̀gá náà létí ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ béèrè, nítorí náà kò ní máa rò ó pé ta nìyí. Ìkẹta sọ ìdí tó fi yẹ kó gba ẹni yìí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìkẹrin sọ ohun tó máa dé bó bá tẹ Accept, ohun náà sì ní ìwọ̀n: oṣù mẹ́ta, kì í ṣe “àwọn ìrírí kan”. Gbólóhùn tó kẹ́yìn lè dà bí ẹni pé ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ ń kàn sí lójoojúmọ́ á mọyì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ni nọ́ọ̀sì náà ń wá, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì dárúkọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Kò sì yẹ kó ṣèlérí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn láìtíì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kódà bí orúkọ aláìsàn kankan kò bá sí nínú rẹ̀.

Ká wá ka àmì. Bí a bá fi ojú kà á, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìdánudúró, 181 ni. Bí a bá kà á bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú rẹ̀, 187 ni. Ibi tí mẹ́fà tó lé ti wá nìyí: nínú Unicode, tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “á” náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ẹ” tó gbé àmì ohùn lórí. Lẹ́tà àti àmì ohùn ló máa wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì kà wọ́n sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ọ”. Nínú nóòtì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni irú rẹ̀ wáyé: nínú “iṣẹ́” ẹ̀ẹ̀mejì, nínú “tọ́jú”, “fẹ́”, “àkọsílẹ̀” àti “ránṣẹ́”. Àwọn kíbọọ̀dù kan tún máa ń ya gbogbo àmì ohùn sọ́tọ̀, títí kan ti “á” àti “ì”. Pẹ̀lú irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀, nóòtì tó wà ní 187 yìí á ti kọjá 200 dáadáa. Nọ́ńbà tó ń hàn lẹ́bàá àpótí ni kí èèyàn gbà gbọ́, kó má fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n. Bí àyè bá sì há, ọ̀rọ̀ ló yẹ kó gé, kó má ṣe bọ́ àmì ohùn kúrò lórí èyí tó kù, torí ẹni tó ń yára kà á kò ní dúró mú ìtumọ̀.

Àmì 13 ṣì ṣẹ́ kù. “Ẹ ṣeun” pẹ̀lú àlàfo tó ṣáájú rẹ̀ àti àmì ìdánudúró gba 8, yóò sì gbé e dé 195. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ láìdúpẹ́ lè fi í kún un.

Fífi ránṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, bí a bá tẹ Connect, àpótí kan máa ń yọ tó ń béèrè bóyá a fẹ́ Add a note. Lórí fóònù, Connect tí a bá rí níwájú pròfáìlì lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìsí nóòtì, nítorí náà ó sàn kí a kọ́kọ́ tẹ àmì róbótó kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká wo bóyá Personalize invite wà níbẹ̀. Àwọn tó ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ sábà máa ń fi Follow síwájú, Connect á sì fara pamọ́ sábẹ́ More. Ibi tó dára láti kọ nóòtì sí ni ibòmíràn nínú fóònù, lẹ́yìn náà ká wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí. Nóòtì tí a bá ti fi ránṣẹ́ kò ṣe é tún kọ.

Bí ìbéèrè bá lọ láìsí nóòtì, ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré fà á padà pẹ̀lú Withdraw kí wọ́n lè tún un fi ránṣẹ́. LinkedIn kò ní gbà. Ẹni tó bá fa ìbéèrè padà lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni kan náà. Ó sàn kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká lọ dáhùn ìbéèrè ọ̀gá náà ní gbangba lábẹ́ ohun tó kọ, kí orúkọ wa lè di èyí tó ti rí rí nígbà tó bá dé orí ìbéèrè wa.

Bí ó bá tẹ Ignore, LinkedIn kò ní sọ fún ẹni tó béèrè. Ó sì tún lè tẹ̀ ẹ́ pé òun kò mọ ẹni náà. Bí irú ìyẹn bá pọ̀ lórí ẹnì kan, ojú òpó náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ímeèlì ẹni tó fẹ́ sopọ̀ mọ́ kó tó jẹ́ kó fi ìbéèrè ránṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ Accept ló tẹ̀, nóòtì yẹn á di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì wa kò ní láti tún ara rẹ̀ fihàn mọ́. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ni kó fi sábẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú ìlà kan tó tọ́ka sí àwọn òru tí ìwọ̀n òtútù ti kọjá 8 °C.